Ohùn pòórá nígbà tí sítẹ́rìò di mónò: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́_Agbohùn
Ẹ kú ilé o. Mo gba ohùn olùkọ́ kan sílẹ̀ láti ara míkísà sínú rìkọ́dà, mo wá fi orin sábẹ́ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Nínú íapíìsì, ohun gbogbo ń dún dáadáa. Lórí sípíkà mónò, orin nìkan ló kù, ohùn olùkọ́ ò sí mọ́. Máíkì wo ni kí n rà, àbí kí ni mo lè fi tún un ṣe?

Baba_Sípíkà
Ẹ má ra máíkì kankan. Àwọn sípíkà kéékèèké kan wà tó jẹ́ pé ìhà òsì nìkan ni wọ́n ń mú. Ó jọ pé ọ̀tún ni ohùn yín wà. Ẹ fà á wá sí àárín.

Ìgbì
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, irú sípíkà bẹ́ẹ̀ wà. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìyẹn ni, etí kan ṣoṣo ni ohùn ì bá ti máa dún nínú íapíìsì. Àdùkẹ́, ẹ fi etí kọ̀ọ̀kan gbọ́ ọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Báwo lẹ sì ṣe so míkísà mọ́ rìkọ́dà?

Àdùkẹ́_Agbohùn
Ó wà ní etí méjèèjì, ó sì dọ́gba. Tí mo bá fi méjèèjì gbọ́ ọ pọ̀, kì í dúró sójú kan, ó dà bíi pé ó yí orí mi ká. Wáyà kan ni mo lò, ẹnu rẹ̀ ní òrùka dúdú méjì. Ihò tí mo kì í bọ̀ lára míkísà ni wọ́n kọ BALANCED OUT sí.

Ìgbì
Ibẹ̀ gan-an ni. Ihò yẹn ń gbé ohùn kan ṣoṣo jáde lórí okùn méjì, ó sì dojú èkejì dé: bí ìgbì ti àkọ́kọ́ bá gòkè, ti èkejì á lọ sílẹ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ń gbà á lè yọ èkejì kúrò lára àkọ́kọ́, kí ariwo tó bá kó sí okùn méjèèjì lójú ọ̀nà lè pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ihò sítẹ́rìò ni ti rìkọ́dà yín, kò mọ ìyẹn. Ó gba okùn àkọ́kọ́ sí òsì, ó gba èkejì sí ọ̀tún.

Mónò wá ń ro òsì pọ̀ mọ́ ọ̀tún. Níbi tí òsì ti jẹ́ 0.3, ọ̀tún jẹ́ -0.3, ó di òfo. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn lẹ fi orin sí i, wọn ò dojú tirẹ̀ dé, òun ló ṣe kù. Ẹ fa àwòrán ohùn náà tóbi títí ẹ ó fi rí ìgbì kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé òkè ti ọ̀kan ni ìsàlẹ̀ ti èkejì.

Fáìlì ohùn tí orin ò tíì sí nínú rẹ̀ ni kí ẹ ṣe é lé lórí:

```
ffmpeg -i ohun.wav -af "pan=stereo|c0=c0|c1=-1*c1" tunse.wav
```

Tí ẹ bá ṣe é fún èyí tó ti ní orin, orin ni yóò máa pòórá. Lọ́jọ́ mìíràn, ihò íapíìsì ara míkísà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa.

Adétùtù
Tèmi kì í pòórá, ṣe ló ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Máíkì méjì, ènìyàn méjì, tábìlì kan. Mo dojú ìhà kan dé, kò tán.

Ìgbì
Tìrẹ yàtọ̀, ìrìn ohùn ló fà á. Ohùn ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 ní mílísẹ́kọ́ńdì kan. Tí máíkì kejì bá fi ìwọ̀n yẹn jìnnà sí ẹnu ju ti àkọ́kọ́, ìgbì tó ń mì nígbà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá á dé ibẹ̀ ní ìdajì ìrìn rẹ̀, á sì pa èkejì. Bákan náà ni 1500 àti 2500. Dídojú ìhà kan dé kàn ń gbé ibi tí wọ́n ti ń pa ara wọn lọ sí 1000 àti 2000 ni. Sún ìgbì èyí tó pẹ́ síwájú kí wọ́n lè bára mu.

Adétùtù
Tí mo bá sún un nítorí ẹni àkọ́kọ́, ti ẹnì kejì bàjẹ́ sí i.

Ìgbì
Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi máa ń rẹ máíkì ẹni tí kò sọ̀rọ̀ sílẹ̀, gbólóhùn sí gbólóhùn. Níbi tí wọ́n bá ti jọ sọ̀rọ̀, mi ò tíì rí ọgbọ́n tó tán an.

Àdùkẹ́_Agbohùn
Ẹ ṣeun gan-an, ohùn padà! Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 12 tó gbẹ̀yìn ti sọnù nínú fáìlì àkọ́kọ́. Inú èyí tó ní orin nìkan ló kù sí.

Ìgbì
Ẹ yọ ọ̀tún kúrò lára òsì:

```
ffmpeg -i olorin.wav -af "pan=mono|c0=0.5*c0-0.5*c1" ohun2.wav
```

Ohùn á jáde. Gbogbo ohun tó dọ́gba ní òsì àti ọ̀tún nínú orin á pa rẹ́, èyí tó yàtọ̀ nìkan ni yóò kù sábẹ́. Tí ẹ bá tún fi orin kan náà sí i, tí ẹ sì tò ó síbi tó wà tẹ́lẹ̀, á bo ìyókù náà mọ́lẹ̀.