Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe kọ ìkéde ọmọ tuntun wa, tí màá lè fi ránṣẹ́ sí ẹbí àti sí ibi iṣẹ́?

Bàbá Ìkókó Adétà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Alihamdulilahi, ìyàwó mi bímọ lálẹ́ Alàmísì, ọjọ́ 8, aago mẹ́wàá ku díẹ̀, ọmọbìnrin ni, a gbóhùn ìyá a gbóhùn ọmọ. Mi ò tí ì fi síta fún gbogbo ayé torí nígbà tá a bí àkọ́bí, mo sáré gbé fọ́tò sórí sítétọ̀ọ̀sì láàárọ̀ kùtù, ìyá ìyàwó mi tó wà ní Òmù-Àrán ò tí ì gbọ́, ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sọ́ọ̀ṣì ló lọ kí wọn kú ewu ọmọ. Ó dùn wọ́n gan-an, ó sì dun èmi náà dòní. Ilé tiwa Mùsùlùmí ni wá, ilé ìyàwó mi Kìrìsìtẹ́nì, ní ọ́fíìsì wa (fẹ́dírà ni) a wà oríṣiríṣi. Ṣé mẹ́sẹ́èjì kan ṣoṣo lè tó fún gbogbo wọn àbí kí n kọ méjì? Kí ni kí n fi sí i, kí ni kí n yọ?

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà: Háà, ẹ kú ewu ọmọ o! Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí. Ìyàwó yín, ẹ kú ọwọ́ lómi. Nígbà tí mo bí àwọn ìbejì mi, àbúrò ọkọ mi ló kọ ọ́ sí gúrúùpù ẹbí pé "àwọn ọmọ ti dé", ó parí síbẹ̀, kò dárúkọ èmi rárá, ṣé ẹ mọ̀ pé àǹtí mi kan ní Ọ̀fà bú sẹ́kún, wọ́n rò pé nǹkan ti ṣe mí, fóònù ò sinmi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ kọ́kọ́ kọ ti ìyá síbẹ̀ kí ẹ tó kọ ti ọmọ, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Gáà-Akanbí: Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú oríire. Ẹ má dára yín láàmú, ẹ kọ ọ̀kan, ẹ lọ sí New broadcast lórí Wásáàpù, ẹ yan gbogbo ènìyàn, ó tán. Ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ fún ọ̀gá yín pé ẹ ti wà lórí líìfù ọjọ́ 14, ìjọba ti fọwọ́ sí i fún gbogbo ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ.

Alhaja Akọ̀wé: Bàbá Ìkókó, ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á jẹ́ ká rí àlùbáríkà ọmọ. Mo ṣe sẹ̀kìrẹ́tírì fún ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ n dá sí i. Ọmọ Gáà-Akanbí, bọ́rọ́dikáàsì tó o sọ yẹn dáa, torí èsì oníkálukú á bá ẹni tó fi ránṣẹ́ nìkan, wọn ò ní máa rí èsì ara wọn, àmọ́ ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù tiẹ̀ kò ní rí i gbà, àwọn àgbà wa ló sì máa ń pọ̀ jù nínú irú wọn, wọn kì í séèfù nọ́ńbà. Wọ́n á jókòó máa rò pé wọ́n fojú di àwọn ni. Nítorí náà ìyá ìyàwó, àwọn olórí agboolé àti ẹ̀gbọ́n bàbá, fóònù lẹ máa fi pè wọ́n, ohùn yín ni kí wọ́n fi gbọ́ ọ.

Ti líìfù, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti 2021 ló fún ọkùnrin ní ọjọ́ iṣẹ́ 14, kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ní Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, kò sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún méjì, ọmọ mẹ́rin ni ó mọ. Ìkéde ọmọ kì í ṣe létà líìfù o. Ẹ fi létà tiyín ránṣẹ́ lọ́tọ̀ pẹ̀lú ìwé ilé ìwòsàn, kí ọ̀gá yín má lọ jẹ́ pé orí Wásáàpù ló ti máa kà á.

Ìdáhùn mi ni pé méjì ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹbí fẹ́ mọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọ́fíìsì fẹ́ mọ ẹni tí fáìlì yín wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ sí èyíkéyìí títí ọjọ́ náà á fi pé.

Ọjọ́ gan-an ló sì máa ń dá ìjà sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ keje la máa ń wí, ọjọ́ sì ti yí láti Màgàríbì. Ọmọ tí wọ́n bí lálẹ́ Alàmísì, Jímọ̀ ló jẹ́ ọjọ́ kìíní rẹ̀, ẹ bá kà á lọ, ọjọ́ keje á bọ́ sí Alàmísì. Àwọn ará Òmù-Àrán á ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n á ka Alàmísì tẹ́ ẹ bí i mọ́ ọn, ó tún bọ́ sí Alàmísì kan náà, ẹ dúpẹ́. Àmọ́ ká ní ọ̀sán Alàmísì lẹ bí i ni, tiwa á di Àlàrùba, tiwọn á ṣì jẹ́ Alàmísì, ẹ̀ ń retí wọn, wọn ò dé. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ pa pọ̀, ẹ fi "ọjọ́ keje" sílẹ̀.

Mọ́míìsì Tanke: Alhaja, àwọn áfáà kan kì í ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn rárá o, áfáà tiwa ní ọjọ́ kejì ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Alhaja Akọ̀wé: Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wà. Kí ó béèrè lọ́wọ́ áfáà rẹ̀ kí ó tó kọ déètì kankan.

Bàbá Ìkókó Adétà: Ẹ ṣé gan-an, ìyá mi. Áfáà wa ní Alàmísì ni, ọjọ́ 15. Ẹ bá mi wò ó:

*Ẹbí:* "Alihamdulilahi, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyàwó mi bímọ lálẹ́ Alàmísì, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ, obìnrin ni. Ẹ ṣeun fún àdúrà yín láti oṣù mẹ́sàn-án. A ó sọ ọmọ lórúkọ ní Alàmísì, ọjọ́ 15 oṣù yìí, aago mẹ́jọ àárọ̀, ní ilé wa ní Adétà."

*Ọ́fíìsì:* "Ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìyàwó mi bí ọmọbìnrin lálẹ́ Alàmísì, ara àwọn méjèèjì le. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi di ẹrù iṣẹ́ mi mú. Àwọn fáìlì mi wà lọ́wọ́ ẹni tá a jọ wà ní yàrá kan náà, létà líìfù mi sì ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá."

Alhaja Akọ̀wé: Ó dáa. Ní ti Òmù-Àrán, ẹ lè mú "Alihamdulilahi" kúrò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti "ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run", gbogbo yòókù ò yàtọ̀. Létà líìfù, ẹ rí i pé ó ti dé lóòótọ́ kẹ́ ẹ tó kọ pé ó ti dé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò sí i, ẹ má jẹ́ kí béèbà ọwọ́ ọmọ tí ilé ìwòsàn fi sí i hàn, orúkọ ìyá wà lórí ẹ̀.

Ọmọ Gáà-Akanbí: Mo gbà nípa líìfù yẹn, ẹ ṣeun Alhaja. Àmọ́ nọ́ńbà àkáǹtì ńkọ́? Àwọn tó jìnnà máa fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́.

Mọ́míìsì Tanke: Rárá o, ọpẹ́ lẹ̀ ń dú, ẹ má fi owó bíbéèrè dà á rú. Ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ á bi yín.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà: Èmi kọ ọ́ sínú tèmi, kò sẹ́ni tó bínú.

Bàbá Ìkókó Adétà: Mi ò tí ì mọ èyí tí màá ṣe nípa àkáǹtì. Màámi ní Òmù-Àrán ni mo ń pè báyìí.