Ẹ̀yin tó ń bá dókítà, lọ́yà àti ọ̀gá kọ ọ̀rọ̀ orí ayélujára, ẹ wá sọ bó ṣe rí fún yín

Àmọ̀kẹ́ Akọ̀wé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń bá àwọn tí ọwọ́ wọn dí kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé sórí Fesibúùkù àti Línkídìnì. Orúkọ tiwọn ló ń wà lórí ẹ̀, tèmi kì í sí níbẹ̀. Dókítà agbẹ̀bí kan nílùú wa níbí ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo ti gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kọ eléyìí, ó ní kò burú bí n kò bá ti dárúkọ òun àti ilé ìwòsàn òun.

Dókítà yìí kì í ráyè jókòó, nítorí náà n kì í ní kó kọ ohunkóhun ránṣẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Inú mọ́tò ni yóò ti dáhùn, fóìsì nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, pẹ̀lú ariwo ọ̀kadà lẹ́yìn. Irú ìbéèrè tí mo bá bi í ló ń sọ irú ohùn tí mo máa gbọ́. Bí mo bá ní, “Sà, kí lẹ fẹ́ ká sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru?”, ìwé ni yóò máa kà fún mi. Bí mo bá ní, “Sà, kí ló bí yín nínú jù lọ́sẹ̀ tó kọjá?”, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́. Mo máa ń tẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, títí kan ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ wo díẹ̀ nínú ọ̀kan:

“Ó ní orí ń fọ́ òun. Ọjọ́ mẹ́ta! Wọ́n ní kó lo parasítámọ́ọ̀. Ojú ti wú, ó ní òun ń rí nǹkan bí iná tó ń ṣẹ́jú. Mo ní ta ló wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín? Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Ṣẹ́ ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n!”

Ohun tó jáde lójú ewé rẹ̀ nìyí:

“Ta ló wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín? Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi aláboyún tí orí ń fọ́ nìyẹn. Bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tí orí ń fọ́ tí kò lọ, tí ojú wú, tí ẹ ń rí iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ má jókòó ti parasítámọ́ọ̀. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Bó bá ti tó 140 lórí 90, ẹ wá rí dókítà lónìí. Mo ní lónìí o.”

Ìbéèrè tirẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí bó ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ nìyẹn. N kò fi òwe kankan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ń yún mi, nítorí dókítà yìí kì í pòwe. Mo ní ìwé kékeré kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀, èyí tí kò lè jáde lẹ́nu rẹ̀ láéláé (tirẹ̀ ni “ẹ̀yin olólùfẹ́ mi”), bí gbólóhùn rẹ̀ ṣe ń gùn tó, ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ẹ sì wò ó, obìnrin yẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ tó jáde. Nínú fóìsì nóòtì, dókítà sọ ọjà tó ń ná, ó sọ iye ọmọ tó ti bí. Nílùú yìí, bí ẹ bá kọ “ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Jagun, tó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì,” kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àna rẹ̀ ti gbọ́. Yíyọ orúkọ nìkan kò tó. Ọjà, ọjọ́, iye ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni mo ń yọ. Bó bá ti fọwọ́ sí ohun tí mo kọ, mo ń pa fóìsì nóòtì náà rẹ́ kúrò lórí fóònù mi.

Ẹ wá sọ tiyín, pàápàá ọ̀rọ̀ owó.

Ọmọ Yunifásítì

Àǹtí, mo mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé kọ pírọ́jẹ́ẹ̀tì, mo sì máa ń ṣe é kíákíá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní méjì nínú àwọn dókítà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Láyí

Àbúrò, ohun tí a ń sọ kọ́ nìyẹn. Ìmọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n fẹ́ fi pírọ́jẹ́ẹ̀tì dán wò, ìwọ wá ń bá a ṣe ìdánwò. Dókítà ti yege tirẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń sọ, a kàn ń bá a tò ó ni.

Ọ̀rọ̀ owó: n kì í gba owó lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Oṣù ni mo ń gbà. Oníbàárà tó ń san owó ẹyọ, bó bá rí i pé ọwọ́ òun dí, ẹyọ náà ló kọ́kọ́ máa fò, ìwọ á sì ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣírò ó nìyí. Ẹni tó fẹ́ mẹ́jọ lóṣù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà mí tó wákàtí mẹ́ta: gbígbọ́ fóìsì nóòtì àti títẹ̀ ẹ́, kíkọ rẹ̀, àtúnṣe, àti àlọ-àbọ̀ Wásáàpù tí àwọn èèyàn kì í kà mọ́ iṣẹ́. Ìyẹn jẹ́ wákàtí 24. Ẹ fi wákàtí kan tí a fi ń jọ sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kún un, ó di 25. Wákàtí kan, 3,000 náírà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 75,000 náírà, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì ló sì wà nínú rẹ̀. Ìdajì ṣáájú, ìdajì láàárín oṣù. Fífèsì sí kọ́mẹ́ǹtì kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Bí oníbàárà bá wá ní n kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ náà han ẹnikẹ́ni láéláé, mo ń lé ìdá kan nínú márùn-ún sí i, ó di 90,000. Iṣẹ́ tí n kò lè fi hàn kò lè bá mi wá iṣẹ́ mìíràn.

Àmọ̀kẹ́ Akọ̀wé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín títí dé ibi ìdá kan nínú márùn-ún yẹn. Lójú tèmi, àṣírí wà nínú iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò lè gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹni tuntun bá fẹ́ rí ohun tí mo lè ṣe, n kì í fi ti ẹlòmíràn hàn án, kódà bí mo bá yọ orúkọ. Mo máa ń bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, màá wá kọ ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Ó ń san 5,000 náírà fún un. Ẹni tí kò bá lè san ìyẹn, kò ní lè san toṣù.

Ẹ̀gbọ́n Láyí

Ìwọ ti ní oníbàárà tó ń júwe rẹ fún ara wọn, ó rọrùn fún ọ láti sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì yí ohùn padà.

Oníṣègùn Eyín, Ọ̀yọ́

Èmi ni ẹni tí wọ́n ń bá kọ, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo kọ́kọ́ gbà kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ohun tó kọ ni pé mo sọkún lóru, mo gbàdúrà, kí n tó di oníṣègùn eyín. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe girama pè mí láti Ìbàdàn: “Ìwọ wo ló sọkún? Níbo?” Kò pẹ́ tí mo rí ọ̀rọ̀ kan náà lójú ewé òṣìṣẹ́ báǹkì kan, ó kàn pààrọ̀ eyín sí owó ni. Òṣìṣẹ́ báǹkì náà sọkún lóru.

Ìyà kejì ni pásíwọ́ọ̀dù. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ wọlé ni kóòdù ń wá sórí fóònù mi, nígbà tí ọwọ́ mi wà lẹ́nu èèyàn. Ẹni tí mo ní báyìí kò mọ pásíwọ́ọ̀dù mi. Lórí Fesibúùkù, mo fún un láyè lórí ojú ewé kílíníìkì, orúkọ tirẹ̀ ló fi ń wọlé. Lórí Línkídìnì tó jẹ́ tèmi gan-an, ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, èmi ni mo ń gbé e síbẹ̀. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì, ó sì ń jẹ́ kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Baba Ọ̀rànyàn

Ẹ ṣọ́ra o. Òfin kò gbà kí dókítà àti lọ́yà sọ̀rọ̀ lórí ayélujára rárá. Wọ́n lè gba ìwé-ẹ̀rí wọn.

Lọ́yà Sábó

Baba, kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Nínú ìlànà ìwà àwa lọ́yà ti 2007, abala 39, wọ́n gbà kí a polongo iṣẹ́ wa níwọ̀nba. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí a fi ara wa wé lọ́yà mìíràn, tàbí kí a máa sọ bí a ṣe mọṣẹ́ tó àti iye ẹjọ́ tí a ń jàre. Wọ́n tún ìlànà náà ṣe ní 2023, kí ẹni tó ń bá lọ́yà kọ̀wé lọ ka ìyẹn. Àwọn dókítà náà ní ìlànà tiwọn, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa polówó ara wọn. Torí náà, “lọ́yà tó jáfáfá jù ní Ògbómọ̀ṣọ́” lè dùn létí ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n oníbàárà ni wọ́n máa pè wá ṣàlàyé.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò mẹ́nu bà. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé wa ti 2022, ẹni tó kọ nǹkan ló ni ín, bí àdéhùn kíkọ sílẹ̀ kò bá sọ nǹkan mìíràn, kódà bí ẹlòmíràn bá sanwó rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí owó bá ti wọlé tán, ọ̀rọ̀ ti di ti oníbàárà. Ẹ tún kọ ọ́ pé àṣírí ń bá a lọ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Ojú ewé kan ti tó.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi

Ẹ ṣeun, mà. Ṣùgbọ́n ta ló ń dáhùn bí aláìsàn bá kọ kọ́mẹ́ǹtì? Lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìfúnpá yẹn, mo mọ̀ pé ẹnìkan á béèrè nípa ìyàwó rẹ̀.

Àmọ̀kẹ́ Akọ̀wé, Ògbómọ̀ṣọ́

Wọ́n béèrè o, nọ́ọ̀sì, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. N kì í fi orúkọ dókítà dáhùn ìbéèrè àìsàn, kódà bí mo bá mọ ìdáhùn. Gbólóhùn kan wà tí dókítà fúnra rẹ̀ kọ fún irú rẹ̀: “Ẹ má dúró de èsì níbí, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín báyìí.” Òun nìkan ni mo ń lẹ̀ mọ́ ọn, màá sì pe dókítà. Ẹ kú oríire, ẹ ṣeun, ìyẹn ni mo lè fèsì sí.

Oníṣègùn Eyín, Ọ̀yọ́

Ọ̀rọ̀ ìdárò ẹni tó kú ńkọ́? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kú, akọ̀wé mi sì ti kọ tirẹ̀ ránṣẹ́ kí n tó jí. Ó dára gan-an. N kò lè gbé e jáde.

Ẹ̀gbọ́n Láyí

Èmi máa ń kọ ọ́, mo sì ń gba owó rẹ̀.

Lọ́yà Sábó

Háà, Láyí.

Àmọ̀kẹ́ Akọ̀wé, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ti kọ ọ̀kan rí, nígbà tí oníbàárà sọ̀rọ̀ fún mi tẹkúntẹkún lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo tò. Bí kò bá sọ nǹkan kan, n kì í kọ ọ́. Ẹlòmíràn tó ti ṣe é rí, ẹ sọ bó ṣe rí lára yín.