Ọtí alẹ́ Sátidé, àyẹ̀wò ìtọ̀ àárọ̀ Mọ́ńdè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ń wa tírélà ní Ìlú Ọba. Ó mu ife ńlá bíà mẹ́rin lálẹ́ Sátidé, ó dáwọ́ dúró láago méjìlá òru. Mo mọ̀ pé ife kan ń gbà tó wákàtí méjì sí mẹ́ta kó tó kúrò lára, omi tútù tàbí kọfí kò sì lè mú un yá. Nítorí náà, ọtí ṣì lè wà nínú èémí àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí di ọ̀sán Sọ́ńdè.

Ìtọ̀ ló ń kó mi láyà sókè. Wọ́n ní EtG, ohun tí ara ń sọ ọtí dà, lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ láàbù, ṣé EtG ni wọ́n máa ń wá nínú ìtọ̀ awakọ̀, àbí ọtí gan-an? Ṣé fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò máa ń sọ ọ́?