Kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì méjì: ẹ bá mi wo fọ́tò wọn

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́jà kan ní Lafẹ́nwá, nílùú Abẹ́òkúta níbí, fi fọ́tò kẹ́ẹ̀gì lítà 4 méjì ránṣẹ́ sí mi.

Lójú tèmi, ayédèrú ni àkọ́kọ́. Àmì ọjọ́ tó wà lára ike ní ìdí kẹ́ẹ̀gì fi hàn pé oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n mọ ọ́n, ṣùgbọ́n òǹkà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n rọ ọ́ìlì sínú rẹ̀. Bí ike bá ti wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó rọ ọ́ìlì sí i, kò burú, ṣùgbọ́n ta ni yóò rọ ọ́ìlì sínú ike tí wọn kò tíì mọ?

Èkejì ló ń dà mí láàmú. Ìkọ̀wé lẹ́bẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mọ́ kedere, ọjọ́ méjèèjì sì bára mu, àmọ́ òrùka ìsàlẹ̀ ìdérí, èyí tó yẹ kó já nígbà àkọ́ṣí, ń dán níbì kan bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n tún rọ ọ́ìlì mìíràn sí. Ẹ jọ̀ọ́, apá ibo lára òrùka náà ni kí n ní kí ọlọ́jà náà ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, nígbà tí kò lè ṣí ìdérí kí n tó rà á?