Wọ́n dá ìwé mi padà láti Ìlú Ọba, wọ́n ní ìtumọ̀ kò bá ojúlówó mu

Ọmọ Pọ́bẹ̀:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Orí mi ti fẹ́ dàrú. Mo forúkọ sílẹ̀ fún másításì nínú ìṣirò owó ní yunifásítì kan ní Ìlú Ọba. Mo ti sanwó ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùkọ́ mi ti kọ ìwé ẹ̀rí fún mi, ọkọ mi ti ń tọ́jú owó sí báńkì nítorí físà. Kutọnu ni mo ti kàwé, Faransé ni gbogbo ìwé mi, mo sì fún ẹnì kan tó ń túmọ̀ ìwé lówó gidi pé kó tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, ìbuwọ́lù wà níbẹ̀. Àfi bí ímeèlì ṣe wọlé lánàá pé ìtumọ̀ náà kò bá ojúlówó mu, kí n fi òmíràn ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí.

Kí ni wọ́n ń fẹ́ gan-an? Àbúrò ọkọ mi mú ìwé Kutọnu lọ sí Kánádà, ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan. Ó jọ pé ẹni tó ń wo ìwé mi kò fẹ́ kí n wá ni. Ẹni tó túmọ̀ ọ̀hún náà kò gbé fóònù mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ẹlòmíràn tó lè ṣe é kíákíá, tí wọn ò ní dá a padà?

Bàbá Ìséyìn:
Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ni kò lágbára tó. Gbé ìwé náà lọ sí kóòtù, kí o búra pé òótọ́ ni, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kóòtù lé e. Nígbà tí orúkọ mi lórí èsì Wáẹ̀kì yàtọ̀ sí èyí tó wà ní báńkì, ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n parí rẹ̀ fún mi.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn:
Ṣé ìjọba Nàìjíríà kò ti sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 pé àwọn dá yíyẹ ìwé yunifásítì Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wò dúró? Ó ṣeé ṣe kí èyí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ. Ọmọ àdúgbò wa kan wà tó parí níbẹ̀, kò rí ìsìnrú ìlú ṣe, títí di báyìí ìyá rẹ̀ ṣì ń sunkún.

Ọmọ Pọ́bẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni mí. Pọ́bẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ilé ìwé ìjọba ni mo lọ, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó sí kíláàsì. Èmi ò ra ìwé. Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà kò kàn mí rárá.

Ògbufọ̀ Àjàṣẹ́:
Òótọ́ ni ó sọ, Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ ti Nàìjíríà yàtọ̀ sí èyí. Bàbá Ìséyìn, ẹ má bínú, ìbúra orúkọ ni ẹ̀yin ṣe. Kóòtù lè jẹ́rìí pé ẹ búra, kò lè jẹ́rìí pé Gẹ̀ẹ́sì tó wà nílẹ̀ bá Faransé mu.

Ọmọ Pọ́bẹ̀, iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́ ńbí. Àwọn àdìmíṣàn kì í dédé sọ pé ìwé kò bára mu. Wọ́n máa ń gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n á tẹ̀ lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí ni ímeèlì náà dárúkọ? Ojú ìwé wo, kọ́sì wo?

Ìyá Ìbejì:
Ẹni tó gbowó tí kò gbé fóònù, olè ni. Ẹ bá a lọ sí ilé!

Ọmọ Pọ́bẹ̀:
Wọ́n dárúkọ àròpọ̀ máàkì ìgbẹ̀yìn àti kọ́sì kan ní sáà kẹta. Ṣùgbọ́n màmá, ibi tó ń gbé gan-an ni mi ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ògbufọ̀, ní ti àròpọ̀, èmi ni mo ní kó yí i sí ti Ìlú Ọba nítorí pé àwọn fúnra wọn ní káwọn mọ ìpele tí mo wà. 13,42 lórí 20 ni mo gbà. Ó sọ ọ́ di ìdá 67 nínú 100, ó kọ sẹ́kọ́ńdì kíláàsì ọ́pà sí iwájú rẹ̀. Ìṣirò owó ni mo kọ́, mo mọ̀ pé 13,42 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 67,1. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?

Ògbufọ̀ Àjàṣẹ́:
Ìsodipúpọ̀ rẹ kò ní àléébù. Ohun tó burú ni pé kò sí ìdá 67 níbì kankan lórí ìwé tí ilé ìwé rẹ fún ọ. 13,42 ló wà níbẹ̀, «Assez Bien» sì wà ní iwájú rẹ̀, èyí tí ilé ìwé máa ń fún ẹni tó bá wà láàárín 12 sí 14. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni kó fi 13,42 sílẹ̀ bó ṣe wà, kó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó dára díẹ̀.

Tún wò ó báyìí. Lọ́dọ̀ wa, 10 lórí 20 ni ẹni tó yege máa bẹ̀rẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà márùn-ún, ó di 50. Ní ilé ìwé Ìlú Ọba, 40 ni dìgírì àkọ́kọ́ ti ń yege. Ìwọ̀n méjèèjì kò bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà, nítorí náà wọn ò lè bára mu lókè. Àdìmíṣàn ní àtẹ tiwọn fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. 13,42 ni wọ́n fẹ́ gbé sí orí àtẹ yẹn. Nígbà tí wọ́n bá bá 67 níbẹ̀, wọn ò mọ ẹni tó yí i, wọn ò sì mọ̀ bó ṣe yí i.

Tósìn Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ̀gbọ́n, fọ́ọ̀mù orí pọ́tálì ńkọ́? Nígbà tí mo kọ tèmi, àpótí kan wà tí wọ́n ti ní kí n kọ máàkì mi. Kò gba kóòmà rárá.

Ògbufọ̀ Àjàṣẹ́:
Fọ́ọ̀mù yàtọ̀ sí ìtumọ̀, Tósìn. Bí fọ́ọ̀mù bá ní kí o kọ ọ́, kọ 13.42 kí o sì mú 20 níbi tí wọ́n ti béèrè iye tó pọ̀ jù. Àmọ́ ìwé tí ògbufọ̀ bá buwọ́ lù kò gbọdọ̀ ní ohun tí ojúlówó kò ní.

Ọmọ Pọ́bẹ̀, kọ́sì sáà kẹta ńkọ́? O fò ó.

Ọmọ Pọ́bẹ̀:
Kọ́sì yẹn, mo gba 8,50 níbẹ̀. «Comptabilité analytique» ni. Olùkọ́ rẹ̀ kò wá bó ṣe yẹ lọ́dún yẹn nítorí ìyanṣẹ́lódì, gbogbo kíláàsì ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mo yege, wọ́n fún mi ní gbogbo kírédíìtì rẹ̀. Ọ̀wọ́ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ máàkì tí wọ́n kọ «Compensation» sí. Mo ní kí ògbufọ̀ má kọ ọ̀wọ́ yẹn, nítorí ẹni tó bá rí i máa rò pé wọ́n ṣàánú mi ni. Kò sì yí máàkì kankan padà. Ìdí wo ni kí n fi tú àṣírí ara mi fún ẹni tí kò mọ bí ilé ìwé wa ṣe rí?

Ìyá Ìbejì:
Háà! O ò sọ èyí látàárọ̀! Ọmọ yìí, o gé ara ìwé kúrò, o wá ń bú òyìnbó. Wọ́n lè pè é ní ìwé èké. Ẹni tí o ń pè ní olè ti sá fún ọ nítorí pé ọ̀ràn ni o kó o sí.

Ọmọ Pọ́bẹ̀:
Ẹ̀yin lẹ pè é ní olè, màmá, kì í ṣe èmi. Mi ò sì yí máàkì padà.

Ògbufọ̀ Àjàṣẹ́:
Ẹ jẹ́ ká fi ìbínú sílẹ̀ ná. Ọ̀wọ́ tí o yọ yẹn ló ń gbè ọ́. Kírédíìtì mélòó ni kọ́sì náà, kọ́sì wo ni wọ́n sì kó pọ̀ mọ́ ọn lábẹ́ àkójọ kọ́sì kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní UE?

Ọmọ Pọ́bẹ̀:
3 ni ti 8,50. Èkejì ni ìṣirò fún ìdókòwò, kírédíìtì 2, mo gba 13 níbẹ̀.

Ògbufọ̀ Àjàṣẹ́:
Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 8,50 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 25,50. 13 lọ́nà méjì jẹ́ 26. Àpapọ̀ jẹ́ 51,50. Pín in sí 5, ó di 10,30. UE náà kọjá 10, ilé ìwé sì fún ọ ní kírédíìtì 5 rẹ̀ bí òfin ṣe sọ. Kọ́sì kan gbé èkejì, ohun tí «Compensation» ń sọ nìyẹn. Kò sí àánú kankan níbẹ̀.

Ní báyìí, fi ojú òyìnbó yẹn wò ó. Ó rí 8,50, tó mọ̀ pé ó kéré sí 10. Ó rí kírédíìtì tí wọ́n fún ọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì kò rí ìdí rẹ̀. Ó wo Faransé, ó rí ọ̀wọ́ kan tí kò sí nínú ìtumọ̀. Kí lo fẹ́ kó rò?

Mo tún fẹ́ kí o wo ibòmíràn. Ṣé «Comptabilité analytique» tún wà ní sáà kẹrin? Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wo ló fún un níbẹ̀? Àti «Stage», kí ló kọ?

Ọmọ Pọ́bẹ̀:
Ó wà ní sáà kẹrin, II ni wọ́n kọ sí i. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti sáà kẹta, òótọ́ ni. «Stage» ṣì jẹ́ «Stage» nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ògbufọ̀ Àjàṣẹ́:
Mo fura. Ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì máa rò pé apá kìíní àti apá kejì kọ́sì yẹn jẹ́ kọ́sì méjì tí kò bára tan. «Stage» ní tirẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì, pèpéle tí wọ́n ti ń ṣeré ni, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí o lọ kọ́ ní iléeṣẹ́ ni. Orúkọ kan náà ni kí kọ́sì kan jẹ́ jálẹ̀, kí nọ́ńbà kọ́sì àti I, II wà bí ilé ìwé ṣe kọ ọ́.

Bàbá Ìséyìn:
Orúkọ ìwé ẹ̀rí náà ńkọ́? Wọ́n ń pè é ní «Licence», bíi ti awakọ̀. Kí wọ́n kúkú kọ dìgírì sí i.

Tósìn Lọ́ńdọ̀nù:
Mo gbà pẹ̀lú Bàbá. Fi orúkọ tí wọ́n mọ̀ sí i.

Ògbufọ̀ Àjàṣẹ́:
Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fi «Licence» sílẹ̀, màá wá kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ ni: ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ọdún mẹ́ta, kírédíìtì 180. Àdìmíṣàn ló máa pinnu ohun tó bá a dọ́gba. Mo mọ àwọn ògbufọ̀ tó ń kọ dìgírì, iṣẹ́ wọn sì ń kọjá, nítorí náà mi ò ní bá yín jà lórí èyí.

Ọmọ Pọ́bẹ̀:
Ó dáa. Ṣé kí n wá ṣàlàyé fún wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ̀wọ́ náà?

Ìyá Ìbejì:
Má sọ nǹkan kan! Fi tuntun ránṣẹ́, kí o dákẹ́.

Ògbufọ̀ Àjàṣẹ́:
Màmá, bí wọ́n bá béèrè ńkọ́? Lójú tèmi, kó kọ ìlà méjì: ìtumọ̀ ti tẹ́lẹ̀ kò pé, ọ̀wọ́ kan kò sí níbẹ̀, wọ́n sì ti yí àròpọ̀ máàkì sí ìwọ̀n Ìlú Ọba; èyí tó pé rèé. Kó tó di pé wọ́n béèrè ni kó sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì:
Èmi ò gbà. Ẹni tí kò sí nínú yàrá, kì í gbọ́ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀.

Ògbufọ̀ Àjàṣẹ́:
Ọwọ́ rẹ̀ ló wà, Màmá. Ọmọ Pọ́bẹ̀, wá ògbufọ̀ tó ti búra ní kóòtù ní Kutọnu tàbí Àjàṣẹ́. Fún un ní ojúlówó lọ́wọ́, má fi fọ́tò fóònù rán an. Kó tú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, títí kan òǹtẹ̀, ìbuwọ́lù àti àkọsílẹ̀ kékeré ìsàlẹ̀ ìwé. Ní ìparí, kó kọ ọ́ pé ìtumọ̀ náà péye, kó kọ déètì, orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti bí wọ́n ṣe lè kàn sí i, kó sì buwọ́ lù ú. Ohun kan náà ni wọn yóò béèrè nígbà físà. Ṣé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ògbufọ̀?

Ọmọ Pọ́bẹ̀:
Òǹtẹ̀ nìkan ló wà. Orúkọ inú rẹ̀ kò ṣeé kà.

Tósìn Lọ́ńdọ̀nù:
Ìwé ẹ̀rí wo ni o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, dìpúlómà fúnra rẹ̀ àbí àtẹ́sítéṣàn tí wọ́n máa ń fúnni kí dìpúlómà tó jáde?

Ọmọ Pọ́bẹ̀:
Àtẹ́sítéṣàn. Wọn ò tíì fún wa ní dìpúlómà. Ògbufọ̀ yẹn kọ dìpúlómà sí i, ó ní ọ̀kan náà ni.

Ògbufọ̀ Àjàṣẹ́:
Kí ìyẹn náà padà sí àtẹ́sítéṣàn. Kí o sì béèrè lọ́wọ́ àdìmíṣàn bóyá wọ́n máa gbà á báyìí, tàbí wọ́n máa dúró de dìpúlómà. Kọ ímeèlì yẹn lónìí, kí o tó lọ sanwó fún ògbufọ̀ kankan.