Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: orin tí mo kọ fún ọmọ mi, ìtumọ̀ rẹ̀ ń yí padà lẹ́nu mi

Bàbá Àṣàkẹ́: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará. Mánṣẹ́sítà ni mo wà, iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe, ìyàwó mi bímọ obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mi ò tíì gbé e rí. Mo wá kọ orin tí wọ́n á máa fi rẹ̀ ẹ́ sùn, mo fi ohùn orin ìsìn kan gbé e, mo gbà á sórí fóònù mo fi ránṣẹ́. Ìlà tó dùn mọ́ mi jù ni "Sùn, Àṣàkẹ́, bàbá ń bọ̀". Màmá ìyàwó mi gbọ́ ọ, wọ́n ní ta ló ń já bọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọmọ o, kí wọ́n gbé e jìnnà kí ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Àwọn tèmi, bí mo bá ti pọ̀n wọ́n sẹ́yìn, kò sórin tí wọn ò ní sùn sí.

Bọ̀dá Tíṣà: Ohùn orin òyìnbó ló fà á. Gbogbo ọ̀rọ̀ ní dò re mí tiẹ̀, ibi tó bá wà náà ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kò gbọdọ̀ yẹ̀ rárá.

Ọmọ Àyàn: Tíṣà, ẹ gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò le tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Kì í ṣe pé mí gbọ́dọ̀ ga bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bóyá ohùn ń gòkè àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀rọ̀ kan sí èkejì letí ń gbọ́. Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ kọ́kọ́ sọ ìlà yẹn lẹ́nu lásán: dò, dò dò mí, dò mí mí dò. Ṣẹ́ ẹ rí i pé ìparí ẹ̀ wálẹ̀? Orin tẹ́ ẹ yá gòkè níbẹ̀, ló bá di "bàbá ń bọ́". Tẹ́ ò bá fẹ́ fi orin yẹn sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀, "Sùn, Àṣàkẹ́, màá tètè dé", "dé" á gòkè pẹ̀lú ẹ̀. Ibi tí orin bá ti fẹ́ máa yí gbiri, ẹ fi "o o o" sí i, ìyẹn ò ní ìtumọ̀ tó lè bàjẹ́.

Bàbá Àṣàkẹ́: Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu báyìí, òótọ́ ni! "Màá tètè dé" bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ìlà kejì ńkọ́, "òtútù ń mú mi, ilé ń wù mí"?

Ìyá Ìbejì: Háà, ẹ yọ ìyẹn o, ẹ má kọ ìnira sétí ọmọ tuntun.

Ọmọ Àyàn: Èmi á fi sílẹ̀ ní tèmi. Ìyá rẹ̀ tó jí lóru náà ń gbọ́ orin yẹn.

Bàbá Àṣàkẹ́: Màá gba méjèèjì ránṣẹ́ lóru òní, kí ìyá ẹ̀ mú èyí tó bá fẹ́.