Ṣíà mi já láti ₦25 sí ₦20 lójijì, mo sáré tà á. Ta ló ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kẹ́yin náà tó sọ tiyín. Mo ní ṣíà 4,000 nílé iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn, ₦22 ni mo ra ẹyọ kan, ó sì ti gòkè dé ₦25, ìyẹn ₦100,000 géérégé. Lọ́jọ́ kan mo wà nínú dánfó ní Ṣábọ̀, a ń dúró kí mọ́tò kún, mo ṣí áàpù, mo rí ₦20! Owó mi ti di ₦80,000, gbogbo ẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni o, mo ní kí wọ́n ta gbogbo ẹ̀, ká tó kọjá Májídùn wọ́n ti rà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá rí ṣíà 1,000 nínú àkáǹtì mi tí mi ò rà, mo rò pé wọ́n ṣì í fi ránṣẹ́ ni.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́: Bónọ́ọ̀sì nìyẹn, ọmọ mi. Ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ ni, wọ́n fi kún owó ẹ ni. Ṣùgbọ́n iye tó wálẹ̀ yẹn, ó ní ẹni tó ń jẹ níbẹ̀.

Bàbá Ríjísítà: Ìyá wa, ẹ gba ìdajì, ẹ̀bùn ni lóòótọ́, àmọ́ kò sí owó nínú ẹ̀. Kan lórí mẹ́rin ni wọ́n ṣe, 4,000 á di 5,000. Ilé iṣẹ́ ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan, kò sì fún ẹnì kankan ní kọ́bọ̀, èrè tí wọ́n ti kó pamọ́ látẹ̀yìn ni wọ́n kàn gbé lọ sábẹ́ owó ṣíà nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí NGX, ọjà ṣíà wa, fi máa ń gé iye orí ẹyọ wálẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti ìwé orúkọ àwọn oníṣíà, máàkì-dáùn la máa ń pè é. Ṣíà mẹ́rin ní ₦25 jẹ́ ₦100, ẹ pín ₦100 sí márùn-ún, ₦20. Àbúrò, ohun tó yẹ kó ta yín lólobó rèé: ọjà wa kì í jẹ́ kí ṣíà já ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́. Tiyín já ogún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Títà-rírà ò lè ṣe ìyẹn.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́: Hẹn-ẹ́n! Bí ẹja kan tí mo máa ń gé sí mẹ́rin, tí mo wá gé sí márùn-ún. Ẹja ò tóbi sí i.

Bàbá Ríjísítà: Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, Ìyá. Ibi tó ti ń dun àwọn èèyàn ni pé iye ló máa ń kọ́kọ́ wálẹ̀, ṣíà tuntun á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀, nítorí ríjísítà ní láti to orúkọ kí CSCS, àwọn tó ń tọ́jú ṣíà wa, tó kó o sí àkáǹtì kálukú. Láàárín ìgbà yẹn áàpù á máa pariwo pé ẹ pàdánù.

Ará Àgbádárìgì: Tèmi burú jù. Mo rí ₦20 yẹn, mo ní ó ti dọ̀pọ̀, mo rà á, mo wá ń retí bónọ́ọ̀sì. Mo dúró títí, kò wá. Mo ti ń bá alágbàtà mi jà.

Bàbá Ríjísítà: Ẹ má bá a jà mọ́. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n dá ló ni bónọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin rà á lẹ́yìn tí wọ́n ti gé iye ẹ̀, ẹ ò san owó bónọ́ọ̀sì, ẹ ò sì pàdánù kankan. Àbúrò Ìkòròdú ta tiẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìdí nìyẹn tí 1,000 fi wá bá a.

Tísà Igbógbó: Ti Amẹ́ríkà ò dẹ́rù bani tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Nvidia pín ẹyọ ṣíà wọn kan sí mẹ́wàá ní June 2024, ó kúrò ní nǹkan bíi $1,200 sí $120, àmọ́ mẹ́wàá ti wà nínú áàpù mi kí n tó jí. Wọ́n ní tó bá ti dọ̀pọ̀ báyìí àwọn èèyàn á rọ́ wọlé, á sì gòkè.

Bàbá Ríjísítà: Mo ti rí èyí tó gòkè, mo ti rí èyí tó sùn síbẹ̀. Mi ò lè bú u, mi ò lè gbè é.

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ̀yin bàbá, áàpù ní ₦0 ni mo fi ra 1,000 yìí, pé èrè ni gbogbo ẹ̀.

Bàbá Ríjísítà: Irọ́ ni. ₦88,000 tẹ́ ẹ ná lẹ máa pín sórí 5,000, ẹyọ kan á jẹ́ ₦17.60. Ìyẹn ni pé nígbà tẹ́ ẹ tà á ní ₦20, èrè lẹ jẹ, ẹ̀rù ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ọmọ Ìkòròdú: Ha! Èmi tí mi ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ tí 1,000 yẹn wọlé, ₦21.50 ni wọ́n ń tà á. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án.